Gìgísẹ̀ méjèèjì là, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló gbẹ: ṣé ọyẹ́ ni àbí nǹkan mìíràn?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo gbé wá. Wọ́n ti Ìlọrin wá bá wa ní Kúbwà láti oṣù kẹwàá. Gìgísẹ̀ wọn méjèèjì ti là débi pé aṣọ ìbora ń kọ́ ọ lóru. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn náà gbẹ, ó ń bó wẹ́wẹ́, àwọn ilà ọwọ́ funfun bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìyẹ̀fun. Ọwọ́ òsì ní tirẹ̀ ń dán.

A ti lo Fasilíìnì, a ti lo ìpara onípọ́ǹpù, a ti lo òrí. Ìpara wo ló lágbára jù tí mo lè rà ní Wúsè?

Olóòórí Mínnà

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o. Ẹ má wulẹ̀ náwó sórí ìpara onípọ́ǹpù lásìkò yìí. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fi í pa ẹsẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kó tó di mẹ́jọ ọyẹ́ ti gbé omi yẹn lọ, ẹsẹ̀ á tún funfun. Nǹkan tó nípọn ni ẹ nílò, tí á jókòó sórí awọ bí ìdérí ìkòkò. Òrí lásán tó o.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe omi gbígbóná, torí ìyẹn á tún fa epo ara jáde. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ fi aṣọ tẹ omi rẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún líle, kí ẹ sì fi òrí sí i kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kọjá, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà lára. Wọ́n á wá wọ ìbọ̀sẹ̀ olówùú sùn. Awọ tó ti gbẹ táútáú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi òrí pa, tí wọ́n á wá ní òrí ò ṣiṣẹ́. Òrí kì í mú omi wá, omi tó bá bá níbẹ̀ ló ń dè mọ́lẹ̀.

Ní ti ọwọ́ ọ̀tún, òun ló ń ṣiṣẹ́ jù, ìdí nìyẹn tó fi gbẹ ju òsì lọ. Kò sì sí làpálàpá tí òrí ò lè pa, tó bá ṣe pé ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà yín.

Bíríkìlà Kàdúná

Ohun tó ń ṣe mí gan-an nìyí. Ọwọ́ mi méjèèjì ń là láàárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́ ń yún mi bíi ká fi ata sí i, ìléròrò tín-tìn-tín ń sú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka. Tí mo bá ti ọ̀sẹ̀ méjì sinmi lẹ́nu sìmẹ́ńtì, á lọ. Ìbọ̀wọ́ wo ló dára fún mi?

Apòògùn Gárúkì

Bíríkìlà, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti Màmá, mà á padà sórí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọyẹ́ kì í mú ọwọ́ kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Ohun tí Olóòórí sọ nípa ìpara àti omi tọ̀nà pátápátá, mi ò ní í tún un sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ jù kò tó. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń fọ aṣọ, méjèèjì la fi ń fọ abọ́. Tó bá jẹ́ omi àti ọṣẹ ló fà á, òsì náà á ní ìpín tirẹ̀, bó tilẹ̀ kéré.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ Màmá síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ bá ti wọlé, kí ẹ wo nǹkan mẹ́rin fún mi:

Ṣé gìgísẹ̀ nìkan ló gbẹ, àbí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé kòtò àárín rẹ̀, tó tún gun ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni wọ bàtà? Báwo ni àárín ọmọńdinrín ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣe rí? Èékánná ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ìkankan ti yí àwọ̀, tó nípọn, tó ń rún? Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: ṣé wọ́n ti fi ìpara onítúùbù kankan sí i, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì fún "gbogbo àrùn ara"?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti wò ó.

Gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ló gbẹ, kì í ṣe gìgísẹ̀ nìkan. Ó gun ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ojú ibi tó dúró sí sì hàn gbangba bí ìlà etí omi. Àárín ọmọńdinrín funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó bọ́ sómi, ó sì ń rùn díẹ̀. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì pọ́n bí eyín ẹni tó ń mu tábà, ó nípọn. Màmá ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti rí bẹ́ẹ̀, pé òkúta ló bọ́ lù ú. Kò fi bẹ́ẹ̀ yún wọn.

Wọ́n ti lo túùbù kan ní Ìlọrin. Mo ka ara rẹ̀: bẹtamẹtasóònù, kilotirimasóòlù àti niomáísìnnì. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ dáadáa, láàárín ọjọ́ mẹ́ta ara á rọlẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró, á padà. Ó ṣẹ́kù díẹ̀, wọ́n ṣì ń fi sí i. Àṣé ìṣòro yìí kì í lọ nígbà òjò pàápàá, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Apòògùn Gárúkì

Ẹ ṣé, ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ẹ kọ yìí, àwọn oníṣègùn awọ pàápàá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: "ẹsẹ̀ méjì, ọwọ́ kan". Ẹbí làpálàpá ni. Fọ́ńgọ́ọ̀sì náà máa ń kọ́kọ́ gbé inú àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná fún ọdún púpọ̀. Ọwọ́ tí èèyàn fi ń ha ẹsẹ̀, tó fi ń tú awọ rẹ̀, tó fi ń gé èékánná, ọwọ́ yẹn ló máa ń kó o. Ọ̀tún ni ti Màmá, mo sì fura pé ọ̀tún yẹn náà ni wọ́n fi ń họ ẹsẹ̀.

Ó máa ń tan èèyàn jẹ nítorí pé kò jọ làpálàpá orí tàbí ti ara. Kì í ṣe òrùka, kì í fi bẹ́ẹ̀ yún. Ó kàn ń gbẹ ni. Ẹ wo inú ilà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: èépá funfun á tò sínú ilà náà gan-an, bí ẹfun tó kù sínú pátákó tí wọ́n ti nù. Awọ tí ọyẹ́ gbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ ló ń funfun, tí ẹ bá sì fi òrí sí i fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, á yí padà. Ti fọ́ńgọ́ọ̀sì á dán lálẹ́, tó bá di àárọ̀ èépá ti padà.

Nípa túùbù yẹn. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Kilotirimasóòlù ló ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà. Niomáísìnnì, bakitéríà ló wà fún, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Bẹtamẹtasóònù ni sitẹ́rọ́ọ̀dù, òun ló mú ara rọlẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta. Kò pa ohunkóhun. Ńṣe ló ń sọ fún awọ pé kó má bínú mọ́, fọ́ńgọ́ọ̀sì á wá ráyè tàn. Ẹ rántí pé tó bá jẹ́ ẹ́kísímà náà, sitẹ́rọ́ọ̀dù yẹn á mú un rọlẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé "ó ṣiṣẹ́, ẹ́kísímà ni nìyẹn" kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí.

Olóòórí Mínnà

Ẹ jọ̀ọ́ o, Apòògùn, àwọn ìyá wa ti ń fi òrí wo ẹsẹ̀ kí kẹ́mísìtì tó dé.

Apòògùn Gárúkì

Wọ́n ń fi wo ẹsẹ̀ tó gbẹ, ó sì ń jẹ́. Èmi náà ń ta òrí. Tí ẹ bá fi òrí kun orí fọ́ńgọ́ọ̀sì, èépá á lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ò ní í rí i mọ́, ẹ ó rò pé ó ti sàn. Láàárín ìka ńkọ́? Ibẹ̀ ti tutù jù tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí òrí tàbí Fasilíìnì débẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Gwàgwàládà

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé oògùn fún Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò èépá ara. Kò le, kò sì dùn wọ́n. Wọ́n á fi sípírítì nu ojú ibẹ̀ kí òróró kúrò. Wọ́n á fi ẹ̀yìn bíléèdì, kì í ṣe ojú rẹ̀ tó mú, ha etí ibi tó ti ń bó, níbi tí awọ tó dára àti èyí tí kò dára ti pàdé. Etí yẹn ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń jẹun. Tí wọ́n bá ha àárín gìgísẹ̀, awọ òkú lásán ni wọ́n á kó. Wọ́n á kán oògùn kan sí i tó ń yọ́ awọ, ìyẹn KOH, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Tó bá wà níbẹ̀, á hàn bí òwú tó ya ẹ̀ka. Ẹ ní kí wọ́n gé lára èékánná yẹn náà, kí wọ́n sì ha ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ nìyí: túùbù tí Màmá ń lò ní oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú. Tí wọ́n bá lọ lọ́la, èsì lè sọ pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó wà. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ná. Òrí tàbí Fasilíìnì lásán ni kí wọ́n máa fi pa gìgísẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, kí wọ́n má sì pa nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ.

Ṣé Màmá ní ìtọ̀ ṣúgà? Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan náà. Tó bá wà, ọ̀rọ̀ kíki ẹsẹ̀ bọ omi àti òkúta ìhasẹ̀ á yí padà, torí wọ́n lè jóná tàbí kí wọ́n bó ara wọn láìmọ̀. Gìgísẹ̀ tó là débi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà fún àrùn. Tí ibẹ̀ bá wú, tó gbóná, tó sì ń dùn wọ́n sókè lọ sí ojúgun, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe orí ayélujára.

Ọmọ Sábó Kánò

Àwọn Hausa ń pe ẹsẹ̀ tó là ní káúṣì, lálì ni wọ́n sì fi ń wò ó. Ẹ pò ó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gìgísẹ̀, ẹ dì í di àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwàgwàládà

Lálì ewé tí wọ́n lọ̀, tó ń fi àwọ̀ pupa sílẹ̀, kò burú fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa awọ gbẹ sí i, á sì kun èépá yẹn ní pupa, àwọn tó máa ṣe àyẹ̀wò ò ní í rí ojú ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó ń dúdú kíá ni kí ẹ sá fún. Aró irun ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn, ó lè sú ìléròrò síni lára, ara ẹni náà ò sì ní í gba aró irun mọ́ láéláé.

Bíríkìlà Kàdúná

Mo ṣì ń dúró o.

Apòògùn Gárúkì

Ẹ má bínú. Tiyín ló jọ ẹ́kísímà: ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀gbẹ́ ìka, ìyún tó le, ìléròrò wẹ́wẹ́, tó sì ń lọ tí ẹ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Sìmẹ́ńtì ń jó awọ fúnra rẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ kíróméètì tún wà nínú rẹ̀ tí ara àwọn kan kì í gbà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tó nípọn ni kí ẹ wọ̀, kí ti òwú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ òwú nìkan á fa omi sìmẹ́ńtì mu, á wá dì í mọ́ yín lára ní gbogbo ọjọ́, ìyẹn burú ju ká má wọ nǹkan kan lọ. Ní tiyín, sitẹ́rọ́ọ̀dù fún ọjọ́ díẹ̀ lè bójú mu, àmọ́ kí dókítà rí ọwọ́ yẹn kó tó yàn án. Ẹ má fi epo pẹtiróòlù tàbí Omo fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ká ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ni lóòótọ́, kí ni a ó ṣe? Yúríà ni ẹnìkan ń sọ fún mi nílé. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín pé ti ajílẹ̀ ló kún oko wọn ní Ìlọrin.

Apòògùn Gárúkì

Ẹ sọ fún un kó má gbé àpò ajílẹ̀ wọlé o! Èròjà kan náà ni lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n pò sínú ìpara ni ẹ ó rà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. 10% ń mú omi dúró sínú awọ, ó dára fún ọwọ́. Láti 20% sí 25% ló ń yọ́ awọ tó yi, òun ni ti gìgísẹ̀. 40% wà, ó le, mi ò ní í fún àgbàlagbà lò láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Tó bá jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìdí tí ìpara oògùn fi ń kùnà lórí àtẹ́lẹsẹ̀ ni pé awọ ibẹ̀ nípọn, oògùn ò wọlé. Nítorí náà, yúríà lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan ná, kí awọ lè tín-ín-rín. Tí ojú ibi tó là bá ṣí sílẹ̀, yúríà á ta wọ́n gidi gan-an. Ẹ kọ́kọ́ fi Fasilíìnì dí ojú ibẹ̀, kí ẹ wá fi yúríà pa yíká.

Lẹ́yìn náà ni tẹbináfíìnì 1% tàbí kilotirimasóòlù 1% lásán, èyí tí kò ní sitẹ́rọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ ìpara náà sórí ìka ìlábẹ̀ láti ṣóńṣó dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìwọ̀n yẹn tó fún àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹsẹ̀ kan á gba méjì irú rẹ̀. Ẹ fi pa gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àti àárín ìka, kì í ṣe ibi tó là nìkan. Kilotirimasóòlù jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á rí i pé ara dán ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n èékánná yẹn wà níbẹ̀. Ìpara kì í wọnú èékánná tó ti nípọn bẹ́ẹ̀. Ẹ ó tọ́jú ẹsẹ̀ tán, èékánná á tún dá a padà. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè yan tẹbináfíìnì oníhóró, 250mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ti awọ kì í pẹ́ tó ti èékánná, ìyẹn lè tó oṣù mẹ́ta. Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá na kẹtokonasóòlù oníhóró sí yín ní kẹ́mísìtì, ẹ dá a padà. Láti ọdún 2013 ni àwọn tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti ṣíwọ́ lílò rẹ̀ fún irú àrùn awọ báyìí nítorí ẹ̀dọ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwàgwàládà

Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ èmi ò ní í fi èékánná kan ṣoṣo fún àgbàlagbà ní oníhóró, pàápàá tí wọ́n bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òmíràn. Ká kọ́kọ́ wo bí ìpara á ṣe ṣe é.

Apòògùn Gárúkì

Ọwọ́ tó ti kó o ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tó bá ti dé ọwọ́, ìpara nìkan kì í sábà ká a. Dókítà tó bá rí i ni kó sọ.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Mo padà dé o, ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí. Àyẹ̀wò ti ẹsẹ̀ jáde, wọ́n rí òwú yẹn. Ti ọwọ́, wọn ò rí nǹkan kan. Ti èékánná, wọ́n ní ó kéré jù, ká mú òmíràn wá. Ṣúgà wọn lọ sókè díẹ̀, wọ́n ní ká padà wá ní àárọ̀ láìjẹun. Ṣé ti ọwọ́ wá kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Gwàgwàládà

Wọn ò rí i kò sọ pé kò sí. Ṣé Màmá ti fi túùbù yẹn pa ọwọ́ láàárín ìgbà yẹn?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n léèrè ni. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, torí wọ́n fẹ́ lọ kí èèyàn, wọn ò fẹ́ kó máa bó lójú àlejò.

Nọ́ọ̀sì Gwàgwàládà

Ẹ gba túùbù yẹn lọ́wọ́ wọn mà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún ọwọ́ ha lọ́jọ́ tí ẹ bá mú èékánná lọ.